Fáyáwọ́ọ̀lù kì í ṣe fàyàwọ́, kì í sì í ṣe antifáírọ́ọ̀sì

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ́fíìsì kékeré la ní ní Àgbádárìgì níbí, iṣẹ́ ajẹ́ńtì tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde la ń ṣe. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà, pírintà kan, ráútà kan, kámẹ́rà mẹ́rin. A ti ra antifáírọ́ọ̀sì sórí gbogbo kọ̀ǹpútà, owó gidi la san, àfi bí ẹni tó ń bá wa tún wọn ṣe ṣe ní a tún gbọ́dọ̀ ra àpótí fáyáwọ́ọ̀lù, owó tó sì pè ju ti láptọ́ọ̀pù kan lọ. Ṣé kì í ṣe nǹkan kan náà ni méjèèjì? Àbí ó kàn fẹ́ jẹ wá ni?"

Ẹ ṣé mà, ẹ kú iṣẹ́ náà. Wọn kì í ṣe nǹkan kan náà rárá, àmọ́ ẹ má tíì sanwó àpótí yẹn o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ bọ́dà, ọ̀rọ̀ yìí yẹ kó tètè yé yín ju ẹlòmíì lọ. Ọkọ̀ tó bá gba títì Sẹ̀mẹ̀ bọ̀, wọ́n á dá a dúró, wọ́n á bi í pé níbo lo ti ń bọ̀, ta lo ń gbé e lọ fún, ìwé ẹ dà. Iṣẹ́ fáyáwọ́ọ̀lù nìyẹn, ibi tí nǹkan ti ń bọ̀ ló ń wò, ibi tó ń lọ, ẹnu ọ̀nà tó fẹ́ gbà wọlé, àti ta ló kọ́kọ́ pe ẹnì kejì. Antifáírọ́ọ̀sì ní tiẹ̀ ò sí lójú títì, inú ṣọ́ọ̀bù ló jókòó sí, ẹrù tó bá ti dé orí kọ̀ǹpútà ló ń tú wò, ì báà gba títì wá, ì báà gba inú igbó. (Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá ń pe orúkọ fáyáwọ́ọ̀lù lápá ọ̀dọ̀ yín, torí àwọn èèyàn á ní ṣé àwọn onífàyàwọ́ ni, ó sì dùn mọ́ mi pé ọ̀tá ara wọn gan-an ni.)

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tójú mi rí. Ọ́fíìsì kan wà ní ojú títì ẹ̀spírẹ́ẹ̀sì lápá ibẹ̀ náà, mi ò ní dárúkọ wọn. Kọ̀ǹpútà márùn-ún ni wọ́n ní, antifáírọ́ọ̀sì olówó wà lórí gbogbo ẹ̀, kò tíì ju oṣù méjì lọ tí wọ́n tún owó ẹ̀ san. Ọ̀gá wọn ń gbé Festac, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà yẹn ò jẹ́ kó lè máa wá lójoojúmọ́, ó wá ní òun fẹ́ máa rí kọ̀ǹpútà akáońtì láti ilé òun. Ọmọkùnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ gba áípíì, ìyẹn àdírẹ́sì lórí ìńtánẹ́ẹ̀tì, tí kì í yí padà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìńtánẹ́ẹ̀tì fún wọn, ó tan Remote Desktop sórí kọ̀ǹpútà akáońtì, ó wá wọ inú ráútà lọ sọ fún un pé ẹnikẹ́ni tó bá ti ìta kan pọ́ọ̀tù 3389, kó máa mú un lọ tààrà sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà yẹn.

Pọ́ọ̀tù tí mò ń wí kì í ṣe ti Àpápá o. Tẹ́ ẹ bá ka àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà sí nọ́ńbà ilé, pọ́ọ̀tù ni nọ́ńbà yàrá nínú ilé náà. Remote Desktop ló ń gbé yàrá 3389, fáìlì àti pírintà tí ẹ jọ ń pín lò ló ń gbé 445. Ẹni tó bá ti ìta wá ò lè kàn wọlé, àfi tó bá mọ yàrá tó fẹ́, tí yàrá yẹn sì ṣí.

Ó ṣiṣẹ́ dáadáa fún bí oṣù mẹ́ta, ọ̀gá ń jókòó sí Festac, ó ń rí akáońtì, inú ẹ̀ ń dùn. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè kan wọ́n pè mí pé kò sí fáìlì kankan tó ṣí mọ́. Mo débẹ̀, gbogbo ìnífọ́ìsì, gbogbo Ẹ́sẹ́ẹ̀lì, ìdí orúkọ wọn ti yí padà, wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ tì wọ́n pa, wọ́n sì fi lẹ́tà sílẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà pé kí wọ́n wá san owó ìtúsílẹ̀. Àmì antifáírọ́ọ̀sì tó máa ń wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ò sí níbẹ̀ mọ́. Ọ̀gá ń pariwo lórí fóònù pé òun máa mú àwọn tó ta antifáírọ́ọ̀sì lọ kóòtù.

Mo ṣí Event Viewer, mo wọ Windows Logs, mo wọ Security. Nọ́ńbà tí mò ń wá ni 4625, òun ni Wíńdòòsì máa ń kọ sílẹ̀ nígbà tí ẹnì kan bá gbìyànjú láti wọlé tí pásíwọ́ọ̀dù ò bá tọ̀nà. Háà. Láti alẹ́ Fúráídè ni ó ti ń bọ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, kò sinmi, wọ́n ń dán orúkọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan: admin, administrator, user, test, account. Kì í ṣe èèyàn ló jókòó tó ń tẹ̀ ẹ́ o, róbọ́ọ̀tì tó ń yí gbogbo ayé ká tó ń kan ilẹ̀kùn 3389 ni. Nígbà tó di ìdájí Sọ́ńdè, 4625 dáwọ́ dúró, 4624 kan ṣoṣo tẹ̀ lé e, ìyẹn ni pé ẹni náà ti wọlé. Orúkọ tí wọ́n fi wọlé ni account, pásíwọ́ọ̀dù ẹ̀ náà account tí wọ́n so ọdún mọ́ nídìí.

Ẹ wá wò ó, kí ni antifáírọ́ọ̀sì fẹ́ ṣe síyẹn? Títí dìgbà yẹn, kò sí fáìlì burúkú kankan tó wọlé tó máa tú wò. Lójú tiẹ̀, akáońtáńtì ló wọlé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ara ẹ̀. Orúkọ yẹn sì ní agbára admin, ẹni tó wọlé kàn ṣí antifáírọ́ọ̀sì, ó pa á bí ẹ̀yin náà ṣe lè pa á, torí kò sẹ́ni tó fi pásíwọ́ọ̀dù sí sẹ́tíńgì ẹ̀. Ìgbà tó pa á tán ló wá gbé irinṣẹ́ ẹ̀ wọlé. Hádì-dísíkì tí wọ́n ń ṣe bákáápù sí náà wà ní gígún sára kọ̀ǹpútà kan náà, ó bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ fáyáwọ́ọ̀lù gan-an lèyí, ó sì dùn mí pé kò ní ná wọn ní kọ́bọ̀. Ráútà tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ fáyáwọ́ọ̀lù. Bó ṣe ń ṣe é ni pé ó ń rántí ẹni tó kọ́kọ́ pe ẹnì kejì: tí kọ̀ǹpútà inú ọ́fíìsì bá pe sáìtì kan, ó kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà tí èsì bá dé, ó mọ ẹni tó ni ín, ó gbé e fún un. Èyí tó bá ṣàdédé ti ìta wá tí ẹnikẹ́ni ò pè é, ráútà ò mọ ẹni tó fẹ́ gbé e fún, ó dà á nù. Róbọ́ọ̀tì tó ń kan 3389 ì bá kàn án dọ̀la. Àwọn fúnra wọn ló lanu ògiri fún alángbá.

Torí náà nǹkan àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe lọ́la kì í ṣe rírà. Ẹ wọ ojú ewé ráútà yín, àdírẹ́sì ẹ̀ sábà máa ń wà lára ráútà fúnra ẹ̀, 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1 tàbí 192.168.8.1, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Port Forwarding sí, àwọn ráútà míì ń pè é ní Virtual Server. Ó yẹ kó ṣófo ni. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan níbẹ̀, ẹ bi ẹni tó ń bá yín ṣe é pé kí ni ti èyí, tí ò bá rí àlàyé ṣe, ẹ pa á rẹ́. UPnP náà máa wà nítòsí ibẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí ohun èlò inú ilé lanu ògiri fúnra ẹ̀ láì bi yín, ẹ pa òun náà. Kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ yí pásíwọ́ọ̀dù ráútà padà tó bá ṣì jẹ́ admin ni.

Nǹkan kan tún wà tó lè fi yín lọ́kàn balẹ̀. Tí ráútà yín bá ń lo síìmù, ẹ wo WAN IP lójú ewé ẹ̀, ìyẹn àdírẹ́sì tí wọ́n fún ráútà láti ìta. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, tàbí tó wà láàárín 100.64 sí 100.127, a jẹ́ pé ẹ̀yin àti ọ̀pọ̀ oníbàárà míì lẹ jọ ń pín àdírẹ́sì kan lò lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á fún yín, ẹni tó wà lójú títì ìńtánẹ́ẹ̀tì ò lè kan ilẹ̀kùn yín tààrà. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá lọ ra áípíì tó dúró sójú kan nìyẹn máa parí o, torí ìgbà yẹn ẹ ti kó wá sójú títì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká yí i padà wàyí, torí tí mo bá dúró síbí ẹ máa rò pé mò ń bú antifáírọ́ọ̀sì.

Iṣẹ́ yín, ìnífọ́ìsì ló ń wọlé láràárọ̀, láti Kùtọnu, láti ibi gbogbo. Ká ní ẹnì kan fi íméèlì ránṣẹ́ sí sẹ́kírítárì yín, ó so fáìlì sípù mọ́ ọn, nínú sípù yẹn lẹ rí nǹkan tó ń jẹ́ `Invoice.pdf`. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ orúkọ ẹ̀ gan-an ni `Invoice.pdf.exe`, Wíńdòòsì kàn ń fi ìrù orúkọ pamọ́ ni, bó ṣe máa ń ṣe é látilẹ̀wá nìyẹn. Èyí kì í ṣe ìwé, ètò tó ń ṣiṣẹ́ ni. Kí ni fáyáwọ́ọ̀lù rí nínú gbogbo ẹ̀? Ó rí i pé sẹ́kírítárì, tó wà nínú ilé, fúnra ẹ̀ ló pe sáfà íméèlì, sáfà sì dá a lóhùn. Ìwé pé. Inú ohun tí wọ́n gbé wá gan-an, wọ́n ti dì í pa láti ọ̀dọ̀ sáfà títí dórí kọ̀ǹpútà, ìyẹn ni àmì https tàbí àgádágodo kékeré tẹ́ ẹ máa ń rí, ẹni tó wà lójú ọ̀nà ò lè rí inú ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti tú u, ibẹ̀ sì ni antifáírọ́ọ̀sì jókòó sí. Ó máa fi fáìlì yẹn wé àwọn tó ti mọ̀, tí ò bá mọ̀ ọ́n, ó máa wo ìwà ẹ̀: ṣé ó ń sáré ṣí ọgọ́rùn-ún fáìlì kó sì máa yí wọn padà, ṣé ó ń fi ara ẹ̀ síbi táá ti máa bẹ̀rẹ̀ fúnra ẹ̀ ní gbogbo àárọ̀. Tó bá rí i, ó gbá a mú.

Tí ò bá wá rí i ńkọ́? Nǹkan náà ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ohun àkọ́kọ́ tó sì máa ń ṣe ni kó pe ẹni tó rán an. Fáyáwọ́ọ̀lù Wíńdòòsì, bí wọ́n ṣe gbé e wá látilẹ̀, gbogbo ohun tó bá ń jáde ló ń gbà láyè, àwọn tó ń wọlé láìjẹ́ pé a pè wọ́n nìkan ló ń dá dúró. Ìpè ti inú jáde, ó lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ nìyẹn, wọ́n rò pé fáyáwọ́ọ̀lù máa dá a dúró ní géètì nígbà tó bá ń jáde.

Fíláṣì ló tún burú jù nínú èyí. Ẹ gbé fíláṣì lọ bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà lọ tẹ nǹkan, ẹ gbé e padà dé, gbogbo fódà ti di ṣọ́ọ̀tíkọ́ọ̀tì. Ọ̀nà igbó nìyẹn, kò gba títì kankan kọjá, kódà kẹ́ ẹ ra fáyáwọ́ọ̀lù mílíọ̀nù kò ní mọ̀ pé nǹkan wọlé. Ẹ tan ibi tí wọ́n ti kọ File name extensions nínú View kẹ́ ẹ lè máa rí ìrù orúkọ, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí antifáírọ́ọ̀sì tú fíláṣì kẹ́ ẹ tó ṣí i.

Nǹkan kan tó ń bí mi nínú tún nìyí, màá sọ ọ́ kíá. Tí ẹnì kan bá wá bá yín fi Ọ́fíìsì tàbí Wíńdòòsì tí wọ́n jí sórí kọ̀ǹpútà, tó wá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pa antifáírọ́ọ̀sì kí òun tó lè mú un ṣiṣẹ́, ẹni yẹn ti sọ fún olùṣọ́ pé kó lọ jẹun kí àlejò kan wọlé. Ọ̀pọ̀ ìgbà wọ́n tún máa ń fi fódà yẹn sínú Exclusions, pé kí antifáírọ́ọ̀sì má wo ibẹ̀ láéláé. Ẹ lọ wo Exclusions yín.

Wàyí o, apá kan wà tí àpótí olówó tí wọ́n ń polówó fún yín ò tún lè ràn yín lọ́wọ́, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kékeré sì ti ń ṣubú. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Nínú kọ̀ǹpútà, tòde ń pani dáadáa, ẹ ti rí i lókè, àmọ́ tilé yẹn ò ṣeé fojú di.

Ní 12 oṣù Karùn-ún 2017, fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry jáde. Wàhálà tiẹ̀ yàtọ̀, torí ó máa ń rìn fúnra ẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó bá ti wọ̀, ó ń wá àwọn tó kù kiri, ó ń kan pọ́ọ̀tù 445 wọn, ó gba inú àìlera kan tó wà nínú Wíńdòòsì wọlé, ẹnikẹ́ni ò tẹ nǹkan kan, ẹnikẹ́ni ò ṣí íméèlì. Máíkírósọ́ọ̀fùtì sì ti gbé àtúnṣe ẹ̀ jáde láti oṣù Kẹta ọdún yẹn, MS17-010 ni wọ́n pè é, àwọn tí ò ṣe ápúdéètì ló kó o jù. Ẹ wá ronú ọ́fíìsì yín: ẹnì kan gbé láptọ́ọ̀pù lọ sílé, ó kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ibi wáífáì hòtẹ́ẹ̀lì kan, ó gbé e dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó so ó mọ́ wáífáì yín. Láti láptọ́ọ̀pù yẹn sí kọ̀ǹpútà akáońtì, ọ̀rọ̀ wọn ò gba ojú ọ̀nà ìta kọjá rárá. Àpótí fáyáwọ́ọ̀lù tó wà lẹ́nu géètì ò ní rí i, ṣe ló dà bí ìgbà tí aládùúgbò méjì bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí ògiri ẹ̀yìnkùlé. Ohun tó lè dá a dúró ni fáyáwọ́ọ̀lù tó wà lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, èyí tí Wíńdòòsì ti ń gbé wá ní títàn láti ọdún 2004, nígbà Wíńdòòsì XP Service Pack 2. Ẹ ti ní in. Ẹ ò rà á, àmọ́ ẹ ti ní in.

Ìbéèrè tó kù ni pé ṣé ó ṣì wà ní títàn. Mo bẹ̀ yín, ẹ lọ sórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣí Start, ẹ tẹ cmd, ẹ tẹ Enter, ẹ wá kọ èyí sójú fèrèsé dúdú tó bá ṣí:

```
netsh advfirewall show allprofiles state
```

Ó máa kọ Domain Profile, Private Profile, Public Profile, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ON tàbí OFF. Mo fẹ́ ON mẹ́ta. Ní àwọn ọ́fíìsì tí mò ń dé, OFF ni mo máa ń bá lórí kọ̀ǹpútà méjì mẹ́ta, ìdí ẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń jẹ́ ọ̀kan náà: pírintà. Wọ́n so pírintà mọ́ kọ̀ǹpútà sẹ́kírítárì, àwọn tó kù ò rí i, ọmọkùnrin tó ń tún un ṣe gbìyànjú fún wákàtí kan, ó rẹ̀ ẹ́, ó pa gbogbo fáyáwọ́ọ̀lù, pírintà tẹ̀wé, wọ́n sanwó fún un, ó lọ. Láti ọjọ́ yẹn ilẹ̀kùn ti ṣí, kò sẹ́ni tó mọ̀. (Tí antifáírọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ rà bá ní fáyáwọ́ọ̀lù tiẹ̀ nínú, ó lè gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ti Wíńdòòsì. Nínú Windows Security, lábẹ́ Firewall & network protection, ẹ máa rí orúkọ ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Kó ṣáà ti jẹ́ pé ẹnì kan wà níbẹ̀. Tí owó antifáírọ́ọ̀sì yẹn bá tán, ẹ padà lọ wò ó.)

Tí kò bá sí fáyáwọ́ọ̀lù míì tó ń ṣọ́ ọ, tẹ́ ẹ sì bá OFF, ẹ ṣí cmd pẹ̀lú Run as administrator, kẹ́ ẹ wá tẹ:

```
netsh advfirewall set allprofiles state on
```

Pírintà lè dákẹ́ lẹ́yìn èyí. Ẹ má tún pa á o. Tí pírintà yín bá ní ihò wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tàbí wáífáì tiẹ̀, ẹ so òun fúnra ẹ̀ mọ́ ráútà, kí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan máa bá a sọ̀rọ̀ tààrà, kò sí kọ̀ǹpútà tó máa nílò láti ṣílẹ̀kùn fún èkejì mọ́. Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Tó bá jẹ́ pé wáyà USB nìkan ló ní, tó gbọ́dọ̀ wà lára kọ̀ǹpútà sẹ́kírítárì, ẹ jẹ́ kí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ọ́fíìsì jẹ́ Private lórí kọ̀ǹpútà yẹn, kẹ́ ẹ wọ Allow an app through firewall, kẹ́ ẹ fi àmì sí File and Printer Sharing lábẹ́ Private nìkan, kẹ́ ẹ fi Public sílẹ̀ lófìfo. Àwọn láptọ́ọ̀pù tó ń jáde, tí wọ́n bá wà níta, Public ni kí wọ́n máa yàn.

Kámẹ́rà mẹ́rin tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn ò sì kéré o. Àpótí tó ń gba fídíò wọn, kọ̀ǹpútà lòun náà, àmọ́ kò sí antifáírọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ lè fi sórí ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni pírintà, bẹ́ẹ̀ ni ráútà fúnra ẹ̀. Ní 2016, nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní Mirai kó irú àwọn kámẹ́rà àti ráútà báyìí jọ káàkiri ayé, pásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n gbé wọn jáde pẹ̀lú láti ilé iṣẹ́ ló fi wọlé, kò ju ìyẹn lọ. Fún irú ohun èlò yìí, fáyáwọ́ọ̀lù àti pásíwọ́ọ̀dù nìkan lẹ ní. Tí ọ̀gá bá ń fi fóònù wo kámẹ́rà láti ilé, ẹ lọ wò ó bóyá Port Forwarding tàbí UPnP ni wọ́n fi ṣe é, torí ihò tí mo rí jù nínú ráútà àwọn èèyàn nìyẹn, wọ́n á ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Tí ráútà yín bá ní Guest Network, ẹ fi kámẹ́rà àti fóònù àwọn oníbàárà síbẹ̀, kí wọ́n má jókòó sínú yàrá kan náà pẹ̀lú akáońtì.

Èyí tí méjèèjì ò lè dá dúró ńkọ́? Ẹnì kan fi íméèlì ránṣẹ́ pé àwọn ti yí nọ́ńbà akáońtì báńkì padà, orúkọ oníbàárà yín ló wà lókè, lẹ́tà kan ṣoṣo ló yàtọ̀ nínú àdírẹ́sì íméèlì náà. Kò sí fáìlì burúkú níbẹ̀, kò sí ilẹ̀kùn tí wọ́n fipá ṣí, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ẹ pe oníbàárà lórí nọ́ńbà tẹ́ ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, kì í ṣe nọ́ńbà tó wà nínú íméèlì yẹn o.

Ó ku àpótí yẹn. Mi ò lè sọ pé ẹni tó ń bá yín tún kọ̀ǹpútà ṣe fẹ́ jẹ yín, ó lè jẹ́ pé ohun tí wọ́n kọ́ ọ nìyẹn. Àwọn tí àpótí yẹn wúlò fún wà: ọ́fíìsì tó ní sáfà tí àwọn ará ìta gbọ́dọ̀ máa wọ̀, tàbí èyí tó ní ẹ̀ka ní Àpápá àti Sẹ̀mẹ̀ tí wọ́n fẹ́ so pọ̀, tàbí ọ̀gá tó gbọ́dọ̀ máa ti ilé wọlé. Àwọn tí mo sọ ìtàn wọn lẹ́ẹ̀kan, ohun tí mo ṣe fún wọn nìyẹn: mo pa 3389 lójú ráútà, mo fi ráútà tó ní VPN, ìyẹn ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n dì pa láti ilé ọ̀gá dé ọ́fíìsì, rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, owó ẹ̀ ò dé ìdajì ti àpótí ńlá, ọ̀gá á kọ́kọ́ wọ VPN, kó tó wá rí kọ̀ǹpútà ẹ̀ láti inú ibẹ̀, mo sì jẹ́ kí Wíńdòòsì máa ti orúkọ pa fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n bá ṣì í tẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Orúkọ account, mo gba agbára admin lọ́wọ́ ẹ̀. Fáìlì tí wọ́n rí padà, láti inú láptọ́ọ̀pù sẹ́kírítárì tí kò sí ní títàn lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n ti rí i, oṣù mẹ́rin àkọsílẹ̀ ló lọ.

Tó bá tún ti dé, ẹ bi í pé: láti ìta, kí ni ó gbọ́dọ̀ máa wọ ọ́fíìsì wa, tí àpótí yìí máa wá máa yẹ̀ wò? Tó bá dárúkọ nǹkan gidi kan, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi ká jọ wò ó. Tó bá jẹ́ pé kò sí, tí ON mẹ́ta wà lórí kọ̀ǹpútà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tí Port Forwarding ṣófo, ẹ mú díẹ̀ nínú owó yẹn ra hádì-dísíkì méjì, kẹ́ ẹ máa ṣe bákáápù sí ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ yìí, sí èkejì ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ sì máa yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ bá ti ṣe é tán.